Bí 19 ṣe tan kíláàsì mi jẹ: ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọmọ SS3 sọ kí wọ́n tó wọlé ìdánwò

Olùkọ́ ìṣirò ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Òṣogbo. Nítorí àwọn ọmọ tí wọ́n ń múra WAEC ni mo ṣe ń kọ èyí, àti nítorí àwọn òbí tí wọ́n ń wo ọmọ wọn bí ẹ̀rù ṣe ń bà á tí wọn kò sì mọ ohun tí wọn yóò bá a ṣe. Ọ̀rọ̀ náà ti dé bá èmi náà rí. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe ìdánwò àṣekágbá, ìṣirò nìkan ni kò jẹ́ kí n bá ẹgbẹ́ mi wọ ilé ìwé gíga. Mo jókòó sílé, mo ń bá ìyá mi pàtẹ ní ọjà Ìgbọ̀nà. Bí àwọn ọ̀rẹ́ mi bá ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán pẹ̀lú báàgì lẹ́yìn, màá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tí ń wá nǹkan lábẹ́ tábìlì títí wọn yóò fi kọjá. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé bí ọmọ kan bá sọ fún mi pé ẹ̀rù áljẹ́brà ń ba òun, n kì í sọ fún un pé kó má bẹ̀rù. Ìlà tí ọ̀nà ti sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́ ni mo máa ń ní kó fi hàn mí.

Lọ́dún tí mo bá àwọn ọmọ SS3 sọ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀rù náà pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ ti sọ Ìwé Kejì ìṣirò ní orúkọ, wọ́n ń pè é ní pépà áljẹ́brà. Kì í ṣe áljẹ́brà nìkan ló wà nínú rẹ̀, àmọ́ mo mọ ohun tó fà á. Ìwé Kìíní, ìbéèrè 50 tí a ó mú ìdáhùn tó tọ̀nà láàárín mẹ́rin, èèyàn lè gbìyànjú mú ọ̀kan níbẹ̀. Ìwé Kejì kò fún ẹnikẹ́ni ní ohun tí yóò mú. Ìwọ ni wàá kọ gbogbo rẹ̀ láti ìlà àkọ́kọ́, x sì ń yọjú níbi tí o kò rò, nínú ìbéèrè igun mẹ́ta, nínú ti owó èlé, nínú ti ọjọ́ orí bàbá àti ọmọ. Ọmọbìnrin kan wá bá mi lọ́fíìsì, ó ní, "Mà, bí mo bá ti rí x, ojú mi á kàn ṣú ni." Ọmọ yìí kò ya ọ̀lẹ. Òun gan-an ló máa ń pa pátákó rẹ́ tó sì máa ń dúró kẹ́yìn láti da àwọn ìbéèrè kọ.

Mo kó ìwé mọ́ọ̀kì wọn lọ sílé, mo sì tẹ́ wọn sórí ilẹ̀ pálọ̀. N kò máàkì wọn lọ́tun. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mò ń wò kiri nínú gbogbo ìwé náà, èyí tó ní kí wọ́n wá x:

(2x + 1)/3 − (x − 5)/4 = 7

Àwọn tí kò kọ nǹkan kan rárá kò pọ̀. Èyí tó pọ̀ jù ni àwọn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Wọ́n rí i pé 12 ni nọ́ńbà tó kéré jù tí 3 àti 4 lè pín láìṣẹ́kù, wọ́n fi 12 sọ gbogbo rẹ̀ di púpọ̀, wọ́n sì rántí pé 7 tó wà lápá ọ̀tún náà gbọ́dọ̀ di 84. Ìlà kejì wọn tọ̀nà:

4(2x + 1) − 3(x − 5) = 84

Lẹ́yìn náà, ìwé lẹ́yìn ìwé, ìlà kan náà ni mò ń rí:

8x + 4 − 3x − 15 = 84

Láti ibẹ̀, 5x − 11 = 84, 5x = 95, x = 19. Wọ́n fa ìlà méjì sábẹ́ 19. Ẹlòmíràn tilẹ̀ fi bírò pupa kọ ọ́.

Ẹnu yà mí níbẹ̀, torí pé mo ti ń rò ó tẹ́lẹ̀ pé ìdáhùn tí kò tọ̀nà máa ń ta èèyàn lólobó: ìdá yóò yọjú, tàbí nọ́ńbà tó rí wúruwùru. 19 kò rí bẹ́ẹ̀. Ó mọ́ tónítóní. Ọmọ tó rí i yóò mí kanlẹ̀, yóò sọ pé ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, yóò sì kọjá sí ìbéèrè tó kàn. Ìgbà tí èsì bá dé ni yóò wá sọ pé, "Mo mọ gbogbo ohun tí mo kọ, kí ló dé tí wọ́n fi fún mi ní máàkì yìí?" Láti ọjọ́ yẹn ni yóò ti gbà pé áljẹ́brà kórìíra òun. Bí ẹ̀rù yẹn ṣe ń wọlé nìyẹn. Ọmọ tí kò mọ nǹkan kan kì í bẹ̀rù tó ẹni tó rò pé òun mọ̀ ọ́n, tí ìwé sì já a kulẹ̀ láìsọ ibi tó ti ṣubú.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìdánwò, mo ní kí gbogbo SS3 jókòó lẹ́yìn àkókò ìjẹun. Òjò ti ṣú, a sì ní láti pariwo díẹ̀ nítorí páànù òrùlé. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ kò gùn. Mo ń kọ ọ́ síbí bí mo ṣe rántí rẹ̀.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti wo ìwé yín. Áljẹ́brà kọ́ ni ìṣòro yín. Àmì ìyọkúrò kan ṣoṣo ló ń kó yín láyà jẹ, ibi kan náà ló sì ń jókòó sí nígbà gbogbo: iwájú àkámọ́. Ẹ jẹ́ ká fi x sílẹ̀ ná. Mo mú ₦1,000 lọ sọ́dọ̀ ìyá oníbúrẹ́dì ní Alẹ́kúwodò. Búrẹ́dì ₦800 ni, àmọ́ ìyá yọ ₦100 fún mi nítorí pé oníbàárà rẹ̀ ni mí. Ṣéńjì mi á jẹ́ èló?"

Gbogbo wọn ní ₦300.

"Ẹ wá bá mi kọ ọ́ sílẹ̀. 1000 − (800 − 100). Bí ẹ bá tú àkámọ́ yìí bí ẹ ṣe tú ti mọ́ọ̀kì, ẹ ó kọ 1000 − 800 − 100, ìyẹn sì jẹ́ ₦100. Ta ni nínú yín tí yóò gba ₦100 lọ́wọ́ ìyá oníbúrẹ́dì kó sì máa lọ sílé?"

Ariwo ta. Ọmọkùnrin kan lẹ́yìn ní, "Mà, a ó jà ni o."

"Ó dáa. Ẹ bá bébà yín náà jà bẹ́ẹ̀. Ìyá ti yọ ₦100 kúrò nínú iye búrẹ́dì. Bí mo bá wá yọ odindi ₦800 kúrò nínú owó mi, mo ti yọ jù, ₦100 gbọ́dọ̀ padà wá sọ́wọ́ mi. Ìdí nìyẹn tí àmì iwájú rẹ̀ fi di ti àròpọ̀: 1000 − 800 + 100. Nínú ìbéèrè yín, 3(x − 5) ni ẹ fẹ́ yọ. Ohun tí ẹ fẹ́ yọ kì í ṣe odindi 3x, ó fi 15 dín sí i. Bí ẹ bá wá yọ odindi 3x, 15 gbọ́dọ̀ padà wá. Nítorí náà:

8x + 4 − 3x + 15 = 84

5x + 19 = 84, 5x = 65, x = 13."

Mo dúró kí wọ́n kọ ọ́ tán. Ọmọbìnrin tí ojú rẹ̀ máa ń ṣú wo 13, ó wo 19 tó wà nínú ìwé rẹ̀, kò sọ nǹkan kan.

Kí n tó sọ ohun tó tẹ̀lé e, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi sọ. A máa ń kọ́ àwọn ọmọ pé bí nǹkan bá ti rékọjá àmì ìdọ́gba, àmì rẹ̀ á yí padà. Ó yá lẹ́nu, ó sì rọrùn láti há sórí, ṣùgbọ́n mo ti rí ohun tó ń fà. Nínú ìwé mọ́ọ̀kì yẹn, àwọn kan wà tí wọ́n dé 5x = 65 tí wọ́n sì kọ x = 65 − 5. Ohun tí a kọ́ wọn ni wọ́n ṣe: 5 rékọjá, àmì rẹ̀ yí padà. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé 5 yẹn ń sọ x di púpọ̀ ni, a kò fi kún un, pé pínpín ló ń tú u. Láti ìgbà yẹn n kò lo gbólóhùn náà ní kíláàsì mi mọ́. Ohun tí mò ń wí ni pé: ohun tí o bá ṣe sí apá òsì, ṣe é sí apá ọ̀tún, kí o sì kọ ohun tí o ṣe sí ẹ̀gbẹ́ ìlà náà. Ó máa ń falẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, àmọ́ ẹni tó bá kọ "mo fi 5 pín méjèèjì" kò ní kọ 65 − 5.

Mo padà sórí ọ̀rọ̀ mi.

"Ẹ ò ní mọ̀ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò bóyá 13 lẹ ní àbí 19. Èmi ò ní sí níbẹ̀. Ìbéèrè fúnra rẹ̀ ló máa sọ fún yín. Ẹ mú ìdáhùn yín padà sí ìlà àkọ́kọ́, ìlà tí WAEC tẹ̀ sórí bébà, kì í ṣe ìlà tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ. Ẹ fi 19 rọ́pò x. Ìlọ́po méjì 19 jẹ́ 38, ẹ fi 1 kún un, 39, ẹ fi 3 pín in, 13. Apá kejì: 19 yọ 5, 14, ẹ fi 4 pín in, mẹ́ta àti ààbọ̀. 13 yọ mẹ́ta àti ààbọ̀ jẹ́ mẹ́sàn-án àti ààbọ̀. 7 ni wọ́n bi yín. 19 ti parọ́. Ẹ wá fi 13 wọ ibẹ̀: 27 pín sí 3 jẹ́ 9, 8 pín sí 4 jẹ́ 2, 9 yọ 2 jẹ́ 7. Ó parí. Kò sí olùkọ́ tó lè gba ìyẹn lọ́wọ́ yín."

Ọ̀kan nínú wọn béèrè pé, "Mà, kí ló dé tí a ò lè fi wọ ìlà kejì? Kò ní ìdá nínú, ó rọrùn." Ìbéèrè tó dáa ni. Mo sọ fún un pé bí ó bá jẹ́ pé láti ìlà kìíní sí ìkejì ni àṣìṣe ti wọlé, bí ẹni tó gbàgbé láti sọ 7 di 84, ìlà kejì yóò gba ìdáhùn tí kò tọ̀nà wọlé láìjanpata. Ìlà tí a tẹ̀ sórí bébà nìkan ni ọwọ́ wa kò tíì kàn.

Wọ́n ń ṣàníyàn nípa àkókò, mo sì rí i pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ìwé Kejì jẹ́ wákàtí méjì àti ààbọ̀. Ìbéèrè 5 ni dandan, wọ́n gba máàkì 40, lẹ́yìn náà wọn yóò mú 5 nínú 8, wọ́n gba máàkì 60. Ìṣẹ́jú 150 fún máàkì 100, ìyẹn ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀ fún máàkì kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè dandan kan yóò gbà tó ìṣẹ́jú 12, ọ̀kan nínú àwọn ti ẹ̀yìn yóò gbà tó 18. Mo ní kí wọ́n wo aago, mo sì ṣe ìyẹ̀wò 13 yẹn lójú wọn. Kò gba ìṣẹ́jú kan. Mo tún sọ fún wọn pé bí ìyẹ̀wò bá fi hàn pé àṣìṣe wà, tí kò sì sí àyè mọ́ láti wá a, kí wọ́n má ṣe fa ìlà pa iṣẹ́ náà rẹ́. Máàkì wà fún ọ̀nà tí a gbà, ó sì wà fún ìdáhùn tó tọ̀nà. Ẹni tó ṣi àmì kan yóò pàdánù ti ìdáhùn, ṣùgbọ́n 12 tó fi sọ ọ́ di púpọ̀ ṣì wà níbẹ̀ tí olùyẹ̀wò yóò rí i. Ẹni tó fa ìlà pa gbogbo rẹ̀ kò fi nǹkan kan sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ ràn án lọ́wọ́.

Ibi kan wà tí ìyẹ̀wò yìí kò tó, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n lọ láìmọ̀ ọ́n. Bí ìbéèrè bá jẹ́ ti ọ̀rọ̀, ìwọ fúnra rẹ lo ń kọ ìdọ́gba náà. Bí o bá kọ ọ́ òdì, ìdáhùn rẹ lè bá ìdọ́gba rẹ mu kó má sì bá ìtàn mu. Àwọn olórí olùyẹ̀wò WAEC náà ti kọ ọ́ nínú ìròyìn wọn léraléra pé yíyí ọ̀rọ̀ padà sí ìdọ́gba máa ń nira fún àwọn ọmọ. Mo kọ èyí sójú pátákó:

Ìyá kan fi ₦12,000 ra ìwé ìkọ̀wé. Ká ní ẹyọ kan fi ₦100 dín sí iye tó rà á ni, ìwé 4 ni ìbá tún rí kún un pẹ̀lú owó kan náà. Ìwé mélòó ló rà?

"Kí ni ẹ ó kọ́kọ́ kọ?" Wọ́n ní x. Mo ní, "x ta ni?" Àwọn kan ní iye owó, àwọn kan ní iye ìwé, ẹnì kan ní ìyá náà. Ibẹ̀ gan-an ni gbogbo nǹkan ti ń dàrú. Mo ní kí ìlà àkọ́kọ́ wọn jẹ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá tàbí Gẹ̀ẹ́sì tó pé: "Jẹ́ kí lẹ́tà n jẹ́ iye ìwé tó rà." Láti ibẹ̀, iye owó ẹyọ kan jẹ́ 12000/n. Ká ní ó dín owó ni, ìwé á di n + 4, owó ẹyọ kan á di 12000/(n + 4). Ìyàtọ̀ láàárín àwọn méjèèjì ni ₦100.

Ọmọbìnrin tí ojú rẹ̀ máa ń ṣú yẹn dìde, ó wá kọ ọ́ sójú pátákó:

12000/(n + 4) − 12000/n = 100

Mo jẹ́ kó ṣe é lọ. Ó fi n(n + 4) sọ gbogbo rẹ̀ di púpọ̀, ó dé n² + 4n + 480 = 0, ó fi sínú fọ́múlà, ó sì bá 16 − 1920 pàdé lábẹ́ àmì gbòǹgbò. Ó dúró. Ojú ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí ṣú.

Mo ní, "Má pa á rẹ́. Gbòǹgbò nọ́ńbà tó kéré sí òdo ń bá ọ sọ̀rọ̀ ni. Ó ń sọ pé kò sí iye ìwé kankan láyé yìí tó lè bá ohun tí o kọ mu. Padà síbi ìtàn. Èwo ló wọ́n jù nínú iye owó méjèèjì?" Ó ní ti àkọ́kọ́, kí wọ́n tó dín in. "Èwo lo wá yọ kúrò nínú èwo?" Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó pa ìlà kan ṣoṣo rẹ́, ó sì yí wọn padà:

12000/n − 12000/(n + 4) = 100

48000 = 100n(n + 4)

n² + 4n − 480 = 0

Ẹ̀rù máa ń ba àwọn ọmọ níbí yìí pé ibo ni àwọn yóò ti rí nọ́ńbà méjì tí ìsọdipúpọ̀ wọn jẹ́ 480. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti 1 àti 480, 2 àti 240, àkókò á lọ. Mo fi hàn wọ́n pé níwọ̀n bí ìyàtọ̀ wọn ti jẹ́ 4 péré, wọ́n ní láti sún mọ́ra. Ẹ tẹ gbòǹgbò 480 nínú kakulétọ̀, ó fẹ́ẹ̀ tó 22. Ẹ wò yí ká 22: 20 àti 24. (n + 24)(n − 20) = 0. Bí n ṣe jẹ́ 20 tàbí −24 nìyẹn. Èèyàn kò lè ra ìwé −24, ṣùgbọ́n kí ẹ kọ gbólóhùn yẹn sílẹ̀, ẹ má kàn jù ú nù, kí olùyẹ̀wò lè rí i pé ẹ mọ ìdí rẹ̀.

Nígbà tó kan ìyẹ̀wò, ọmọbìnrin náà fẹ́ fi 20 wọ ìdọ́gba rẹ̀. Mo ní rárá, padà sọ́dọ̀ ìyá tó ra ìwé. Ìwé 20 fún ₦12,000, ẹyọ kan jẹ́ ₦600. Bí ó bá fi ₦100 dín, ₦500. ₦12,000 ní ₦500, ìwé 24. Ó fi 4 lé 20. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sójú pátákó pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi, ó ní, "Mà, bí ó bá jẹ́ pé iye owó ni mo pè ní x ńkọ́?" Mo ní kó lọ ṣe é wá. Ó mú un wá ní ọjọ́ kejì: x² − 100x − 300000 = 0, x jẹ́ 600. Ó ti pín ₦12,000 sí 600, ó sì rí ìwé 20 rẹ̀ padà.

Bí ọmọ rẹ bá wà nílé tó ń múra sílẹ̀, fún un ní èyí, má sì sọ nǹkan kan fún un nípa àkámọ́:

(3x − 2)/5 − (x − 4)/3 = 2

Jẹ́ kó ṣe é tán, kó sì fi ìdáhùn rẹ̀ wọ ìlà òkè yìí fúnra rẹ̀. Bí ó bá rí 4, apá òsì á jẹ́ 10/5 yọ òdo, ìyẹn 2. Bí ó bá rí 14, òun náà mọ́ tónítóní bí 19 ṣe mọ́, àmọ́ apá òsì kò ní jẹ́ 2. Má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti òkè pẹ̀lú rẹ̀. Ní kó fi ìka sórí ìlà tó ti tú àkámọ́ kejì, kó sì sọ fún ọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí 20.